Bí a ṣe ń mọ iye tí ẹ̀rọ yóò fi ṣìnà lẹ́yìn tó bá ti fìdí múlẹ̀: Kp, Kv, Ka àti táìpù ẹ̀rọ

Àwọn ọmọ wa tó ń ka iṣẹ́ ẹ̀rọ iná máa ń gbé ìbéèrè kan wálé sí Kàbà àti Ìsánlú nígbà ìsinmi. Fọ́ńkíṣọ̀n ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti há tábìlì àṣìṣe sórí láti òkè dé ilẹ̀, síbẹ̀ iye tí wọ́n ń rí kì í bá ìdáhùn mu. Ẹjọ́ tábìlì kọ́. Wọ́n ń ka géènì níbi tí kò sí, wọ́n ń ka táìpù lára fọ́ńkíṣọ̀n tí kò yẹ, tàbí kí wọ́n máa wá àṣìṣe ìgbẹ̀yìn ẹ̀rọ tí kò ní ìgbẹ̀yìn kankan nítorí pé kò lè dúró.

Àṣìṣe ìgbẹ̀yìn ni mo ń pe ìyàtọ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín ohun tí a pa láṣẹ àti ohun tí ẹ̀rọ ṣe, lẹ́yìn tí gbogbo gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ó fi ṣe gbogbo rẹ̀: àwo dígí ńlá tó ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan, irú èyí tí ènìyàn lè fi ooru rẹ̀ se èso kajú kí wọ́n tó pa á. Mọ́tọ̀ kékeré kan pẹ̀lú gíà ló ń yí àwo náà tẹ̀lé oòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pá tó ń yí lé lórí kọ orí sí àríwá, ó sì gbé orí sókè ní nǹkan bíi 8°, nítorí bí Kàbà ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé nìyẹn. Bí ọ̀pá bá dúró báyìí, 15° ní wákàtí kan ni oòrùn ń rìn yí i ká, láìyára, láìfà sẹ́yìn.

Ohun tí ẹ nílò

- Fọ́ńkíṣọ̀n ẹ̀rọ kí a tó pa lúùpù dé, láti àṣìṣe títí dé ibi tí àwo kọjú sí.
- Géènì sẹ́ńsọ̀ tó ń dá ìròyìn padà.
- Àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé, pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó àti yúnítì rẹ̀. Ẹ má fi «ráńpù» lásán sílẹ̀. Ẹ kọ iye dígírì tó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
- Bébà àti kálámù. Bí Octave bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó fi yẹ iṣẹ́ yín wò níkẹyìn.

Ìpele 1: Ẹ kọ fọ́ńkíṣọ̀n tó tọ́ sílẹ̀

Fún àwo wa, mọ́tọ̀ àti gíà pẹ̀lú géènì tó wà nínú kọ́ńtírólà jọ jẹ́:

```
G(s) = 0.002 / ( s (s + 0.1) )
H(s) = 1
```

Kí a tó pa lúùpù dé ni èyí. Bí ẹ bá ti pa á dé, ohun tí ẹ ó rí ni:

```
T(s) = 0.002 / ( s^2 + 0.1 s + 0.002 )
```

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tó bá wo T(s) kò ní rí `s` kankan tó dá dúró lábẹ́, yóò sì sọ pé Táìpù 0 ni. G(s) la fi ń mọ táìpù. Kíka `s` lábẹ́ T(s) kò lè sọ ọ́.

Ẹ tún wo H dáadáa. Tábìlì tí gbogbo ènìyàn há sórí gbà pé sẹ́ńsọ̀ ń dá ìròyìn padà gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, ìyẹn ni pé H jẹ́ 1. Bí sẹ́ńsọ̀ yín bá ń dín in kù tàbí tó ń bù sí i, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ náà padà sí èyí tí H rẹ̀ jẹ́ 1:

```
Ge = G / (1 + G H - G)
```

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi Ge ṣe gbogbo ìyókù. Ẹ̀rọ tó dà bíi Táìpù 1 lè di Táìpù 0 níbí, ó sì bójú mu: bí sẹ́ńsọ̀ bá ń parọ́ iye kan, kò sí bí mọ́tọ̀ yóò ṣe dé ibi tí a rán an.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi 0 rọ́pò `s` nínú T(s). Fún ẹ̀rọ wa, 0.002 pín sí 0.002 jẹ́ 1. Bí ẹ bá rí 1, táìpù ẹ̀rọ yín kò kéré sí 1. Bí ohun tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí 1, Táìpù 0 lẹ mú dání.

Ìpele 2: Ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ náà lè dúró

Ìpele yìí làwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ tí a bá fò ó, gbogbo ìyókù di òfo. Òfin tí a fi ń wá àṣìṣe ìgbẹ̀yìn gbà pé ẹ̀rọ náà ń fara balẹ̀. Bí kò bá lè fara balẹ̀, ìṣirò yóò ṣì fún yín ní iye kan tó mọ́ tónítóní, irọ́ ni iye náà yóò sì jẹ́.

Abẹ́ T(s) la ó wò: `s^2 + 0.1 s + 0.002`. Póòlù rẹ̀ méjèèjì jẹ́ -0.0276 àti -0.0724. Òdì ni méjèèjì, nítorí náà ẹ̀rọ dúró. Èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ń sọ fún wa pé kí a fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó ka ohunkóhun sí ìgbẹ̀yìn.

*Àyẹ̀wò:* gbogbo póòlù T(s) gbọ́dọ̀ wà lápá òdì. Bí ọ̀kan bá wà lórí 0 tàbí kọjá rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ lọ tún kọ́ńtírólà ṣe kí ẹ tó máa wá Kp tàbí Kv.

Ìpele 3: Ẹ ka táìpù

Ẹ wo abẹ́ G(s), kí ẹ ka iye `s` tó dá dúró gedegbe. `s` kan ṣoṣo ló wà nínú tiwa, nítorí náà Táìpù 1 ni. `(s + 0.1)` kò sí nínú kíkà. Bí `s` bá wà lókè pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ fi í pa ti ìsàlẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó kà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí `s` yẹn ń ṣe nínú irin gan-an. Tí ẹ bá gbé iná sí mọ́tọ̀ tí ẹ kò sì dín in kù, àwo yóò máa yí lọ láìdúró. Tí ẹ bá yọ iná, yóò dúró síbi tó dé, kò ní padà sẹ́yìn. Nítorí náà ó lè wà níbi tí a fẹ́ láìsí pé iná kankan ń ti í, ìyẹn ni pé àṣìṣe lè jẹ́ 0 kí iṣẹ́ sì ti parí. Ìdí nìyẹn tí Táìpù 1 kì í fi í jẹ gbèsè lórí àṣẹ stẹ́ẹ̀pù. Àmọ́ bí a bá ní kó máa rìn láìdúró, iná gbọ́dọ̀ máa wọ mọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà, inú àṣìṣe nìkan sì ni iná yẹn ti ń jáde. Bí àṣìṣe bá di 0, mọ́tọ̀ á dúró, oòrùn á sì fi í sílẹ̀. Nítorí náà ó níláti máa tọ oòrùn lẹ́yìn ní ìwọ̀n kan kó tó lè máa bá a rìn. Ẹni tí èyí bá yé kò nílò tábìlì mọ́.

Ìpele 4: Ẹ wá Kp, Kv àti Ka

```
Kp = G(s)        nígbà tí s bá di 0
Kv = s G(s)      nígbà tí s bá di 0
Ka = s^2 G(s)    nígbà tí s bá di 0
```

Fún àwo wa, Kp kò lópin, nítorí `s` tó wà lábẹ́ di 0. Ní ti Kv, `s` pa `s` rẹ́, ó ku 0.002 / 0.1, ìyẹn 0.02 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ka jẹ́ 0.

Ẹ wo Kv yẹn dáadáa. Nọ́ńbà tó wà lókè nínú G(s) ni 0.002, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ máa ń mú sáré. Nọ́ńbà òkè kì í ṣe Kv àyàfi tí gbogbo àkámọ́ bá ti wà ní ìrísí `(T s + 1)`. Bí a bá fi 0.1 pín òkè àti ìsàlẹ̀, G(s) kan náà yóò di `0.02 / ( s (10 s + 1) )`, Kv á wá hàn kedere. Ẹni tó bá lo 0.002 yóò sọ pé àṣìṣe jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó jẹ́ gan-an.

*Àyẹ̀wò:* nínú Kp, Kv àti Ka, ọ̀kan ṣoṣo péré ló lè ní iye gidi tí kì í ṣe 0. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní lópin, àwọn tó tẹ̀lé e á jẹ́ 0. Bí ẹ bá rí iye gidi méjì, ẹ ti ka táìpù ṣì.

Ìpele 5: Ẹ fi bí àṣẹ ṣe tóbi tó sínú rẹ̀

```
stẹ́ẹ̀pù tó ga tó A:          àṣìṣe = A / (1 + Kp)
ráńpù tó ń sáré ní A:         àṣìṣe = A / Kv
parábólà, (1/2) A t^2:        àṣìṣe = A / Ka
```

Lówùúrọ̀, àwo tó ti sùn sí ìwọ̀-oòrùn gbọ́dọ̀ yí padà sí ìlà-oòrùn, ká ní 150°. Stẹ́ẹ̀pù nìyẹn. Kp kò lópin, nítorí náà àṣìṣe jẹ́ 0, bí 150° tilẹ̀ tóbi.

Láti ìgbà náà lọ, ráńpù ló kù. 15° ní wákàtí kan jẹ́ 15 / 3600, ìyẹn 0.00417° ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín in sí Kv:

```
0.00417 / 0.02 = 0.208°
```

Kò ní dín kù títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò sì ní pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fi 15 pín sí 0.02 láìyí wákàtí sí ìṣẹ́jú-àáyá yóò rí 750°, èyí tó ju ìyíká odidi méjì lọ. Yúnítì Kv ló ń pàṣẹ yúnítì tí ẹ gbọ́dọ̀ lò.

Ní ti stẹ́ẹ̀pù, ẹ má gbàgbé 1 tó wà lábẹ́. Ká ní eré mọ́tọ̀ yìí la fẹ́ ṣàkóso dípò ibi tó kọjú sí. `s` yẹn kò ní sí mọ́, ẹ̀rọ á di Táìpù 0. Ká ní a sì ti gbé géènì sókè títí Kp fi di 9. Ìdá mẹ́wàá àṣẹ ni yóò sọnù, nítorí 1 / (1 + 9) jẹ́ 0.1. Lórí ráńpù àti parábólà, 1 yẹn kò sí.

*Àyẹ̀wò:* yúnítì ìdáhùn gbọ́dọ̀ bá yúnítì ohun tí a ń ṣàkóso mu. Dígírì la fẹ́, dígírì la sì rí.

Ìpele 6: Ẹ béèrè bóyá àṣìṣe náà tiẹ̀ ń pa wá lára

Ká ní pátákó sólà pẹrẹsẹ la gbé sórí ọ̀pá yìí, 0.208° kò jẹ́ nǹkan kan. Ohun tó sọnù nínú iná rẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ní tèmi, ẹni tó bá lọ fi íńtígírétọ̀ kún ẹ̀rọ yẹn ń ra wàhálà ni.

Àwo dígí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń wo oòrùn láti ayé, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.53°. Àṣìṣe wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì oòrùn fúnra rẹ̀, nítorí náà ojú iná yóò yẹ̀ kúrò ní ìdí ìkòkò. Fún èyí, a ní ohun tí a lè ṣe.

Ọ̀nà tó rọrùn ni kí a gbé géènì sókè. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, Kv á di 0.1, àṣìṣe á sì wá sí 0.042°. Àmọ́ póòlù ẹ̀rọ yóò ti kúrò lórí ìlà gbọọrọ, àwo yóò sì máa kọjá ibi tí a rán an kó tó padà. Ọ̀nà kejì ni kí a gbé táìpù sókè.

Ìpele 7: Ẹ gbé táìpù sókè, kí ẹ sì padà sí Ìpele 2

Ẹ fi íńtígírétọ̀ kún kọ́ńtírólà: `(s + z) / s`. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó àṣìṣe àtẹ̀yìnwá jọ. Ohun tó ti kó jọ lè máa bọ́ mọ́tọ̀ kódà nígbà tí àṣìṣe ìsinsìnyí bá jẹ́ 0. Gbèsè tí a rí ní Ìpele 3 tán nìyẹn.

```
G2(s) = 0.002 (s + z) / ( s^2 (s + 0.1) )
```

`s` méjì, Táìpù 2. Kv kò lópin mọ́, àṣìṣe ráńpù jẹ́ 0. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì pa á dé. Abẹ́ lúùpù tuntun ni:

```
s^3 + 0.1 s^2 + 0.002 s + 0.002 z
```

Ìdánwò Routh sọ pé 0.1 × 0.002 gbọ́dọ̀ ju 0.002 z lọ, ìyẹn ni pé z gbọ́dọ̀ kéré sí 0.1. Ẹ fi z = 0.2 sí i: tábìlì ṣì ń sọ pé àṣìṣe jẹ́ 0, bẹ́ẹ̀ àwo ń fì lọ fì bọ̀, tí fífì náà sì ń pọ̀ sí i títí gíà yóò fi kán. Ẹ fi z = 0.1 gẹ́lẹ́: yóò máa fì láìdáwọ́dúró. Z = 0.01 ni mo mú. Póòlù rẹ̀ tó lọ́ra ń fi ara balẹ̀ láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlọ́po méjì àsìkò ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn: a fi àsìkò ra àìṣìnà.

*Àyẹ̀wò:* Ka tuntun jẹ́ 0.002 × 0.01 / 0.1, ìyẹn 0.0002. Òun nìkan ló ní iye gidi báyìí, gẹ́gẹ́ bí Ìpele 4 ṣe sọ.

Ìpele 8: Parábólà, nígbà tí oòrùn bá gba orí wa kọjá

Àwọn ọmọ máa ń rò pé inú ìwé ìdánwò nìkan ni parábólà wà. Ní ilẹ̀ Òkun, ó wà lójú ọ̀run. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹsẹ̀ àwo kò dà bí tàtijọ́ mọ́, pé ó ń yí gbọọrọ lórí ilẹ̀ bíi ti àwo sátẹ́láìtì ńlá, tí mọ́tọ̀ mìíràn sì ń gbé ojú rẹ̀ sókè sódò. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí wa gan-an ní Kàbà. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí rárá. Bó bá kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, ó gbọ́dọ̀ sáré láti ìlà-oòrùn bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn láàárín ìgbà díẹ̀. Eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni, ráńpù kò sì lè ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ pé eré náà lọ láti 0.004° sí 0.04° ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Èyí tó ń pọ̀ sí i jẹ́ 0.036 pín sí 360, ìyẹn 0.0001° fún ìṣẹ́jú-àáyá lọ́nà méjì.

Ẹ̀rọ Táìpù 1 kò ní ìgbẹ̀yìn lórí àṣẹ yìí. Ka rẹ̀ jẹ́ 0, tábìlì á sì sọ pé àṣìṣe kò lópin. Kì í ṣe pé àwo yóò fò lọ o. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i, bó bá sì fi máa pé ìṣẹ́jú mẹ́fà, yóò ti tó 1.8°. Táìpù 2 ń lọ sí:

```
0.0001 / 0.0002 = 0.5°
```

Ìkìlọ̀ kan: tí wọ́n bá kọ àṣẹ náà bíi `0.00005 t^2`, A kì í ṣe 0.00005. Ìdajì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ sì rántí pé ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ẹ̀rọ yìí nílò láti fara balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà náà ni àṣẹ fi wà. 0.5° ni ibi tó ń lọ, ó sì lè má tíì dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́ kí oòrùn tó yí eré padà.

Ìpele 9: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn

Nínú Octave, fún Táìpù 1 lórí ráńpù:

```
pkg load control
s = tf('s');
G = 0.002/(s*(s+0.1));
E = minreal(1/(1+G));
t = (0:600)';
e = lsim(E, (15/3600)*t, t);
e(end)
```

Nǹkan bíi 0.208 ni yóò jáde. Bí ẹ bá dín 600 kù sí 60, iye tó kéré ni ẹ ó rí, nítorí ẹ̀rọ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ẹ má gbà á sí ìgbẹ̀yìn.

Lórí àwo fúnra rẹ̀, ẹ so páànù kékeré tí ẹ ti lu ihò tín-ín-rín sí mọ́ ọn, kí ó ga ní mítà kan sí bébà tí ẹ lẹ̀ sísàlẹ̀, kí ihò àti àmì àárín bébà wà lórí ìlà kan náà tí àwo kọjú sí. Oòrùn á gba inú ihò, á sì ya ara rẹ̀ sórí bébà ní róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́sàn-án. Bí àṣìṣe bá jẹ́ 0.208°, àárín róbótó yẹn yóò yẹ̀ kúrò lórí àmì ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta ààbọ̀, sí ìhà ìlà-oòrùn, nítorí pé oòrùn ti ṣáájú àwo lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá yẹ̀ sí ìhà kejì, a jẹ́ pé kì í ṣe àṣìṣe ráńpù lẹ ń wò; bóyá sẹ́ńsọ̀ tàbí ọ̀pá ni kò tọ́.

Ohun tí tábìlì kò mọ̀

Tábìlì mọ àṣẹ nìkan. Kò mọ afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn máa ń ti àwo láti ẹ̀gbẹ́ kan fún wákàtí púpọ̀. Mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ máa ti í padà. Nínú ẹ̀rọ Táìpù 1 wa, `s` yẹn wà nínú mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, nítorí náà kò lè gbà wá: àṣìṣe kan yóò ṣẹ́ kù kódà lórí stẹ́ẹ̀pù, bí tábìlì tilẹ̀ sọ pé 0. Íńtígírétọ̀ tó wà nínú kọ́ńtírólà, ṣáájú ibi tí afẹ́fẹ́ ti wọlé, ló ń pa á rẹ́. Ẹ máa wo ibi tí `s` jókòó sí, yàtọ̀ sí iye rẹ̀.

Kò sì mọ gíà tó há. Bí gíà bá le tó bẹ́ẹ̀ tí iná kékeré kò lè ṣí i nípò, ẹ̀rọ Táìpù 1 yóò dúró kó tó dé ibi tí a rán an. Táìpù 2 yóò máa kó àṣìṣe jọ títí gíà yóò fi já lójijì, á kọjá, á tún padà, á tún há. Bí ẹ bá rí róbótó oòrùn lórí bébà tó ń fò síwá sẹ́yìn lórí àmì ní àkókò tó dọ́gba, ẹ má tún nọ́ńbà kankan ṣe. Ẹ tú gíà, ẹ nu iyanrìn kúrò, kí ẹ fi gíríìsì sí i.